Ta ni Orúkọ Àbíkú Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ooru. (Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ yìí síta, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, mo kàn fo àwọn ibi tí iná lọ tí a ò gbọ́ra wa dáadáa ni.)

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ikú ti kọ́kọ́ mú ẹnì kan lọ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ díẹ̀ o. Babátúndé wà nínú ẹ̀, Yétúndé wà nínú ẹ̀, ìyẹn fún ọmọ tó wáyé lẹ́yìn tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà papòdà. Ẹkúndayọ̀ náà wà níbẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún náà wà níbẹ̀, irú àwọn yẹn gba òfò oríṣiríṣi, ó lè jẹ́ pé ọkọ ló kú nígbà tóyún wà nínú, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ. Mi ò ní lè sọ gbogbo ẹ̀ lónìí. Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni orúkọ àbíkú, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ẹ̀ kú ní kékeré, ọ̀kan kú, ìkejì kú, nígbà míì ìkẹta, ìkẹrin, kí wọ́n tó bí i.

Ìdí tí mo fi mú ìyẹn ni pé àwọn orúkọ yìí yàtọ̀ gan-an sí ọ̀pọ̀ orúkọ yòókù tí Yorùbá ní. Ẹ wo orúkọ wa lásán, Adébáyọ̀, Ọláníyì, Fágbèmí, Ayọ̀délé, ìròyìn ni gbogbo wọn ń ṣe, pé adé bá ayọ̀, pé ọlá ní iyì, pé ayọ̀ dé ilé. Wọn ò bá ẹnì kankan wí, wọn ò bẹ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ Málọmọ́, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ojú ẹnì kan ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Torí náà ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi tí mo bá gbọ́ orúkọ àbíkú kan ni pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀? Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn ìyẹn, ẹ ti gbọ́ orúkọ náà yé. Òun la máa fi rìn lónìí.

Kí ó tó yé wa, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí àwọn bàbá wa gbà gbọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ní ẹgbẹ́ lọ́run, wọ́n ti bá ẹgbẹ́ wọn dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà kí wọ́n tó wá sáyé, ó lè jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó lè jẹ́ ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìyá ẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó pàápàá. Tí ọjọ́ bá pé, ó di kíkú. Ọmọ yẹn kan náà ni wọ́n gbà pé ó máa tún padà wá sínú ìyá kan náà, kó tún kú, kó tún wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọwọ́ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó wà lórí ẹní yẹn kì í ṣe àlejò tuntun, wọ́n ti jọ rí ara wọn rí, ó ti dá wọn lóró rí.

Ohun kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sin ín. Òkú àgbà, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí láyé àtijọ́, pẹ̀lú aṣọ tó dáa, pẹ̀lú ìnáwó. Òkú àbíkú ò rí ìyẹn gbà. Inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ, àwọn ìlú míì kàn ń ju ti ẹ̀ sígbó ni, àwọn míì ń fi àkísà wé e kí wọ́n tó fi ọkọ́ gbẹ́ ihò kékeré kan fún un. Wọn ò fẹ́ kó rí i pé ikú òun níyì. Àwọn míì máa ń fi abẹ sàmì sí òkú náà lára, tàbí kí wọ́n gé ìka ẹ̀ kan, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá padà wá, kí ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́run náà sì kọ̀ ọ́ torí pé ó ti lábùkù. Ó dùn mí láti máa sọ ọ́ báyìí o, mo mọ̀ pé ìyá kan lè wà níbí tó ti sin ọmọ rí, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ibi tí àwọn orúkọ tó kàn ti wá.

Ẹ wá gbọ́ o. Kòsọ́kọ́. Kò sí ọkọ́. Ọkọ́ tí à ń lò nígbà tí à ń roko, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò òkú. Orúkọ yẹn ń sọ fún ọmọ náà pé tó o bá kú báyìí, a ò ní ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ fún ẹ mọ́. Àlùfáà Samuel Johnson ará Ọ̀yọ́, tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, bó ṣe túmọ̀ ẹ̀ nìyẹn náà, kò sí ọkọ́ tí a ó fi sin ín. Akísàátán, àkísà ti tán nílé, a ò rí èyí tí a ó fi wé ẹ. Ìgbẹ́kọ̀yí, igbó kọ eléyìí, ibi tí à ń gbé yín lọ tẹ́lẹ̀ ti sọ pé òun ò gbà yín mọ́.

Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kẹ́ ẹ wò ó. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé e, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀, ibi tí wọ́n ń sin ín sí. Gbogbo ohun tí ìsìnkú àbíkú nílò pátá ni wọ́n fi orúkọ dí mọ́ ọn. Nígbà tí èèyàn bá ń gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á dà bíi pé orúkọ tí ò lórí tí ò nídìí ni, àkísà, ọkọ́, igbó, kí ló kan ọmọ tuntun níbẹ̀? Àmọ́ ẹni tó ti tẹ̀ lé òkú ọmọ dénú igbó lẹ́ẹ̀mẹta mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń padà bọ̀ ni ọkọ́ yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orúkọ ẹ̀gàn ni o. Wọ́n sọ ọ́ ní ààfin. Ọba Kòsọ́kọ́ tó jọba ní Èkó, ọmọ Ọba Òsínlókun ni, ọdún 1845 ló gorí ìtẹ́, àwọn òyìnbó fi ìbọn lé e kúrò ní 1851, ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó padà sí Èkó ní 1862, ó sì kú ní 1872. Ọkùnrin tó da gbogbo etíkun yẹn rú, tí òyìnbó fi ọkọ̀ ogun lé, orúkọ tó ń jẹ́ ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi sin ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka ìtàn ẹ̀ lónìí ń pè é bíi pé ọ̀rọ̀ obìnrin tí ò lọ́kọ ni, torí pé wọn kì í fi àmì sí i. Bẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i.

Àwọn orúkọ ìsìnkú yẹn, ìhalẹ̀ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn ló pọ̀ jù. Dúrójayé, dúró kó o jayé. Dúrósinmí, dúró kó o sin èmi, ìyẹn ni pé ìwọ ni kó o sin mí, kì í ṣe èmi ni kí n máa sin ẹ́. Dúrótìmí, dúró tì mí. Bánjókòó, bá mi jókòó. Dúróoríkẹ́, dúró kó o rí bí a ó ṣe kẹ́ ẹ. Málọmọ́. Kòkúmọ́, òun ti fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ti sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mátànmí, má tàn mí, torí ó ti tàn mí rí. Tijúikú, jẹ́ kí ikú tì ẹ́ lójú.

Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: dúró, jókòó, bá mi, má. Ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ẹ̀bẹ̀ tààrà ni. Ọmọ yẹn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, òun fúnra ẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí irú orúkọ yìí lágbára lójú àwọn tó sọ ọ́ ni pé orúkọ kì í ṣe ohun tí à ń pè lẹ́ẹ̀kan ká gbàgbé. Ojoojúmọ́ là ń pè é. Ẹ wo ìyá tó ń dáná lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń ṣeré lọ síta, ó pariwo pé "Dúró! Dúró o! Wá jẹun!" Kì í kúkú pe Dúrójayé tán, Dúró ló ń pè é. Aládùúgbò pè é Dúró, ẹ̀gbọ́n pè é Dúró, ọmọ tó fẹ́ bá a jà náà pè é Dúró. Lójúmọ́ kan ṣoṣo, gbogbo agboolé ti bẹ ọmọ yẹn pé kó dúró láìmọye ìgbà, láìjẹ́ pé ẹnì kankan jókòó bẹ ẹ́. Èmi ò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ ro irú orúkọ yìí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Obìnrin jẹ́ ẹ, ọkùnrin jẹ́ ẹ, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ náà ṣì máa ní oríkì ẹ̀ bíi ti gbogbo ọmọ, Àjàní, Àṣàkẹ́, èyí tó bá yẹ. Ṣaworo irin tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ariwo ẹ̀ lè máa lé ẹgbẹ́ ẹ̀ sá, àti sààrà ẹ̀wà pẹ̀lú ìrèké tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ àdúgbò wá jẹ, gbogbo ìyẹn ń bá orúkọ rìn. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ìsọ̀rí kẹta wá ni èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ jù, torí àwọn èèyàn kì í mọ̀ pé àbíkú ni. Àwọn wọ̀nyí ò bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọn ò sì bá ikú sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn tó wà nílé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ọmọ náà.

Ẹnukúnonípẹ̀ ni ẹ̀kíní. Onípẹ̀ ni ẹni tó wá ṣìpẹ̀, tó wá tù yín nínú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ tọ́mọ bá kú, "omi ló dà nù, agbè ò fọ́." Ó dáa, wọ́n sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n tún sọ ọ́ nígbà kejì. Nígbà kẹta, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ẹnu ti kún wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Wọ́n wá fi ìyẹn sọ ọmọ tó dé lẹ́yìn ẹ̀. Orúkọ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ, àwọn tó wá kí ìyá ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ wọn.

Bíòbákú náà wà. Bí ò bá kú. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn ò parí. Bí ò bá kú ńkọ́? Bí ò bá kú, a ó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ò bá kú, a ó ṣe ìnáwó. Bí ò bá kú, a ó dúpẹ́. Wọn ò sọ èyí tó kù, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Bẹ́yìíòkú, bí èyí ò kú. Àwọn tó gbọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú, òpìtàn ọmọ Ẹ̀gbá yẹn tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1965, mélòó nínú wọn ló ronú pé ìdajì ọ̀rọ̀ òbí kan tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ ni orúkọ ìdílé yẹn?

Èyí tó lókìkí jù nínú ìsọ̀rí yìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń fi lẹ́tà kan pè é ni. M.K.O. Moshood Kashimawo Ọláwálé Abíọ́lá. K yẹn, Kásìmáawòó ni: ká ṣì máa wò ó. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, 24 oṣù kẹjọ ọdún 1937. Ọmọ kẹtàlélógún bàbá ẹ̀ ni, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lára díẹ̀. Ọmọ méjìlélógún ti lọ ṣáájú ẹ̀ nílé bàbá yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé ìkẹtàlélógún dé, àwọn àgbà ilé ò sọ pé ayọ̀ dé, wọn ò sọ pé ọlá wálé, wọn ò tiẹ̀ bẹ ọmọ náà pé kó dúró, torí wọ́n ti bẹ àwọn tó lọ ṣáájú. Wọ́n ní ká ṣì máa wò ó ná. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá dáadáa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìtàn sọ, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ ní orúkọ míì gidi. Gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ń wò ó. Ẹni tí orílẹ̀-èdè gbogbo padà dìbò fún ní 12 oṣù kẹfà 1993, orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ láyé ni pé kò dá wa lójú pé á dúró.

Mo tún rí ìsọ̀rí kan tí mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn tí ikú fúnra ẹ̀ wà nínú orúkọ. Kúmápàyí, ikú má pa èyí, ikú ni wọ́n dojú ẹ̀bẹ̀ kọ níbẹ̀. Kúdáísí, ikú dá èyí sí. Kúkọ̀yí, ikú kọ èyí. Kúforíjì, ikú foríjì wá. Àwọn ará Ìgbò náà ní irú ẹ̀, Ọnwụbịkọ, wọ́n ń sọ fún ikú pé ẹ jọ̀ọ́ o, torí náà kì í ṣe àwa nìkan ló ń bá ikú sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ tó kù, torí mi ò lè dúró síbí kí n sọ ẹwà orúkọ nìkan. Kí ló ń pa àwọn ọmọ náà? Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ibà, gìrì, ìgbẹ́ gbuuru, ìwọ́ ọmọ tí wọ́n fi abẹ tó dọ̀tí gé, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó bá ìtàn àbíkú mu débi pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni àrùn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, sikusẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Ọmọ tí jẹnotaìpù ẹ̀ jẹ́ SS, tí wọ́n bá bí i, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lò láti inú ìyá ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbà, òun ló ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nìyẹn ń lọ, nígbà tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ gangan ti gba ipò. Ìgbà yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á wú, á máa ké tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ojú ẹ̀ á pọ́n bí òróró, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára ẹ̀, ibà díẹ̀ á gbé e dè. Ọmọ tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo èèyàn ń gbé, ó kàn yí padà lójijì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ìyá ẹ̀ ní 1920, kí lẹ máa rò? Ẹ máa rò pé ọjọ́ tó bá ẹgbẹ́ ẹ̀ dá ló pé. Ó máa kú lónìí, ó máa dìde lọ́la, babaláwo máa ṣe tiẹ̀, á dà bíi pé ó gbọ́ oògùn, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó tún dé. Ibi tí òwe yẹn ti wá nìyẹn, àbíkú sọ olóògùn di èké.

Ó wá ku bí orúkọ ṣe ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan, bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì le koko. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ọ̀nà mẹ́rin ló wà, ọ̀kan á jẹ́ SS, méjì á jẹ́ AS bíi tiwọn, ọ̀kan á jẹ́ AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun o, kì í ṣe pé tí ẹni kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ká ní ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ SS, ó kú. Ìkejì tún jẹ́ SS, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbùkún tàbí orúkọ rere kan, ó kú. Ìkẹta dé, ọkàn wọn ti gbọgbẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ìkẹta yẹn, nínú ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta ló sọ pé kò ní jẹ́ SS rárá. Ó yè. Gbogbo ìdílé máa fọwọ́ sọ̀yà pé orúkọ ló mú un dúró. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà á gbà bẹ́ẹ̀. Tí ìkẹta náà bá sì kú, wọ́n á ní orúkọ ọ̀hún ò le tó, wọ́n á wá èyí tó le jù ú lọ fún ìkẹrin, bí a ṣe ń ti ẹ̀bẹ̀ bọ́ sí ìhalẹ̀ nìyẹn, ká tó wá dórí ká ṣì máa wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi sikusẹ́ẹ̀lì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ tán o. Ilé tí ọmọ méjìlélógún ti kú tẹ̀léra, ìṣirò yẹn ju ọ̀kan nínú mẹ́rin lọ, ibà àti àwọn yòókù ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn abẹ tí wọ́n ń fi sàmì sí ọmọ tó ṣì wà láyé, nítorí kí ikú lè kọ̀ ọ́, àwọn yẹn náà ń gbé àrùn wọ ara.

Nǹkan kan wá wà tó yẹ kí ẹni tó ń jẹ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ pé sikusẹ́ẹ̀lì ló pa àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yè, ẹ̀yin lè jẹ́ AS. Méjì nínú ọ̀nà mẹ́ta tó kù fún yín ni. Torí náà, kẹ́ ẹ tó fẹ́ra yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ní ọsibítù, kò gbà yín lákòókò. Orúkọ ti sọ fún yín pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ẹ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn bi mí ní ìbéèrè, mo máa fi mẹ́ta síbí.

Bàbá kan ní ṣé gbogbo Rótìmí ni àbíkú. Rárá o, sà. Ibi tí nǹkan ti dàrú díẹ̀ nìyí. Rótìmí lè jẹ́ gígékúrú Dúrótìmí, ó sì lè jẹ́ gígékúrú Olúrótìmí. Dúrótìmí, ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró ti òun. Olúrótìmí, Olú ló dúró tì mí, Olúwa ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta níwájú, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Tẹ́ ẹ bá wo bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ lónìí, ẹ máa rí i pé ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé Kristẹni gbà. Wọn ò fẹ́ orúkọ àbíkú, ṣùgbọ́n òfò kò tíì tán láyé, wọ́n wá ń mú orúkọ náà, wọ́n ń fi Olúwa síwájú ẹ̀: Olúwadúrótìmí, Olúwarẹ̀mílẹ́kún, Ìtùnúolúwa. Ìbànújẹ́ kan náà ni, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ló yàtọ̀. Àwọn míì ti lọ búra ní kóòtù tí wọ́n pa Kòsọ́kọ́ tàbí Ìgbẹ́kọ̀yí rẹ́ pátá nínú sọ́nẹ́èmù wọn, torí wọ́n ní orúkọ ikú ni. Ọwọ́ wọn ló wà, ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú wọn. Tèmi ni pé orúkọ yẹn kò pe ikú, ó ń lé e ni, ọmọ tó sì jẹ́ ẹ yè tó fi bí bàbá bàbá yín.

Àbúrò kan lọ́kùnrin bèèrè pé òun ń jẹ́ Akísàátán gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, ṣé àbíkú ni òun náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ní kí kálukú ní sọ́nẹ́èmù, orúkọ àbísọ bàbá kan ló di orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ orúkọ yẹn ti lè kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, lọ́jọ́ ogbó. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè nílé ni pé ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ọmọ kẹlòó ìyá ẹ̀ ni, mélòó ló kú ṣáájú ẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà, àwọn ọkùnrin kì í sábà rántí iye ọmọ tó kú, àwọn obìnrin máa ń rántí.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, ìyá ọ̀dọ́ kan ló béèrè, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. Ó ní oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára òun, ìkẹta ti pé oṣù méje báyìí, ìyá ọkọ òun ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, òun ò mọ̀ bóyá ó yẹ. Mo sọ fún un pé láyé àtijọ́, oyún tó wálẹ̀ kì í ṣe àbíkú. Àbíkú ni èyí tí a bí tó kú, ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́. Torí náà, orúkọ yẹn kò yẹ ọmọ yìí, kò sí ẹni tó lọ, kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó má lọ mọ́. Kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ìyá wá mú orúkọ míì wá, torí ẹ̀tọ́ ìyá náà ni láti sọ ọmọ-ọmọ ẹ̀ lórúkọ. Kó sì má pa ilé ìwòsàn jẹ, kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé oyún méjì ti bàjẹ́ ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òun àti ọkọ ẹ̀ kí ọmọ tó dé.